Igun tó ṣófo lórí máàpù ohun mímu: ṣé àlàfo ọjà ni, àbí ibi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ débẹ̀?

SóbòÌbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. A fẹ́ máa gbé sóbò inú ìgò jáde ní Ìbàdàn. Mo ya máàpù kan, mo fi owó sí ìlà ìbú, mo fi ṣúgà sí ìlà òró. Mo to kólà, máltì, èso inú páálí, ẹ́nájì àti yógọ́ọ̀tì sí i. Òkè ni gbogbo wọn kóra jọ sí. Igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí ṣúgà ti kéré tí owó náà sì kéré, ṣófo pátápátá. Ṣé àlàfo ọjà tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn? Ṣé kí n ki sóbò mi bọ ibẹ̀?

Ṣẹ́gun_Títì

Àlàfo pọ̀ nílùú yìí o. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ wá àwọn ẹ̀sítéètì tuntun lápá Àkóbọ̀, ẹ wo ibi tí kò tíì sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ gbé fíríìjì kan kalẹ̀ síbẹ̀. Kí ni ṣúgà ń wá nínú máàpù?

Onímáàpù

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, máàpù ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń sọ. Èyí tí wọ́n yà ń fi hàn bí ohun mímu kan ṣe sún mọ́ òmíràn, tàbí bó ṣe jìnnà sí i, lọ́kàn ẹni tó ń rà á. Àmọ́ ọ̀rọ̀ fíríìjì yẹn máa wúlò tó bá yá, ẹ má gbé e jù nù.

SóbòÌbàdàn, igun yẹn kò ṣófo. Ẹ kàn ò pe ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni. Omi inú ọ̀rá kò ní ṣúgà rárá, òun ló sì rọjú jù lọ lójú títì. Sóbò tí wọ́n ń rọ sínú ìgò omi àlòkù, tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà iléèwé, kò jìnnà sí i. Tí ẹ bá fi àwọn méjèèjì kún un, ẹ máa rí i pé igun tí ẹ fẹ́ wọ̀ ni èrò pọ̀ sí jù.

Ohun tó fà á ni pé orúkọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pe ọjà wọn lẹ fi yan àwọn tí ẹ fẹ́ wò. Ẹni tó ń rà kì í rò ó bẹ́ẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tàbí àlejò dé bá a, ohun tó bá máa yanjú rẹ̀ ló ń wá. Nítorí náà, kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onífíríìjì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra nǹkan mímu, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ká ní èyí tí ẹ rà yìí ti tán, kí lẹ ò bá rà?" Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ ṣe é lọ́sàn-án gangan, ẹ ṣe é lálẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń darí lọ sílé, kí ẹ sì ṣe é lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra páálí kan tàbí méjì fún àlejò. Ìdáhùn wọn kì í bára mu. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lè sọ pé omi ni òun ò bá rà. Ẹni tó ń ra nǹkan sílé de àna rẹ̀ kò ní dárúkọ omi láéláé. Ohun tí wọ́n bá dárúkọ léraléra ló yẹ kó wà lórí máàpù, ìbáà jẹ́ pé kò ní orúkọ lára.

Nǹkan kejì ni owó. Ṣé iye tí wọ́n ń ta ìgò kan lẹ lò ni? Ká sọ pé wọ́n ń ta ìgò 33cl ní ₦400, ó ń gba ₦12 ó lé díẹ̀ lórí sẹ̀ńtílítà kan. Tí wọ́n bá ń ta ìgò 50cl ní ₦500, ó ń gba ₦10. Èyí tó dà bíi pé ó wọ́n jù ló rọjú jù. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọjà yín ṣe máa jèrè, ẹ pín owó fún sẹ̀ńtílítà. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn oníbàárà, ẹ bi òun fúnra rẹ̀ bóyá ó wọ́n, torí iye tó máa fà yọ lápò lẹ́ẹ̀kan ló sábà máa ń wò.

SóbòÌbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni, Àǹtí. Iye ara ìgò ni mo lò. Máàkì ṣúgà náà, èmi àti àwọn tá a jọ wà nídìí iṣẹ́ yìí la jókòó fún wọn. Ìlà wo wá ni kí n lò báyìí?

Kọ́lá_Ìṣirò

Owó àti ojúlówó ni. Ìlà méjì yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ń lò. Ẹ bi ọgbọ̀n èèyàn, kí wọ́n fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 7, ẹ wá àròpín rẹ̀, ẹ fi àmì sí i lórí ìwé. Ibi tí kò sí àmì ni kí ẹ lọ. Kò le rárá.

Onímáàpù

Kọ́lá, ti máàkì 1 dé 7 àti àròpín tọ̀nà. Ti ìlà méjì yẹn ni mi ò bá ọ lọ sí. Owó àti ojúlówó ń tẹ̀ lé ara wọn lọ́kàn èèyàn: èyí tó wọ́n ni wọ́n máa ń rò pé ó dára. Tí o bá yà á, gbogbo àmì máa tò láti igun ìsàlẹ̀ òsì lọ sí igun òkè ọ̀tún, igun méjì yòókù á sì ṣófo. Ọ̀kan nínú wọn ni ohun tó dára jù tí owó rẹ̀ kéré jù. Kò sẹ́ni tó lè pò ó kó má jẹ gbèsè. Èkejì ni ohun tó wọ́n tí kò dára. Ta ni yóò rà á? Igun méjèèjì á ṣófo lórí máàpù ọjà èyíkéyìí, kò ní í ṣe pẹ̀lú ohun mímu. Máàpù bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wa.

Ìlà tó máa wúlò, ẹnu oníbàárà ló ti ń jáde. Ẹ gbé ìgò mẹ́ta síwájú èèyàn kan, ẹ ní, "Méjì wo ló jọra nínú àwọn yìí, kí ló sì mú ẹ̀kẹta yàtọ̀ sí wọn?" Ẹ yí àwọn ìgò náà padà, ẹ tún bi í. Ẹ ṣe é fún bí èèyàn mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí tí ẹ ò fi ní gbọ́ ohun tuntun mọ́. Wọn ò ní sọ "ojúlówó". Wọ́n á sọ pé eléyìí ṣeé gbé fún àlejò, eléyìí wà fún ọmọ iléèwé, tìyẹn ń mú kí ikùn wú, tìyẹn ni wọ́n ń gbé lọ bẹ aláìsàn wò. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ fi ṣe ìbéèrè, kí ẹ sì lo ọ̀rọ̀ tiwọn.

Ìyá_Kúnù_Ìlọrin

Èmi ò ya máàpù kankan rí o, kúnù ni mò ń tà. Tí mo bá bi àwọn oníbàárà pé ṣé ó dùn, gbogbo wọn á ní ó dùn gan-an. Mo wá ń dín ṣúgà kù díẹ̀díẹ̀ nígbà tó wọ́n, wọ́n ṣì ní ó dùn. Ṣé ó já sí pé wọn ò mọ ìyàtọ̀ ni?

Onímáàpù

Ẹ kú ọjà, Ìyá. Wọ́n mọ̀ ọ́n. "Ó dùn" tí wọ́n ń sọ ni pé ó wù wọ́n mu, kì í ṣe pé ṣúgà rẹ̀ pọ̀. SóbòÌbàdàn, ibi tí ìbéèrè yín lè ti bàjẹ́ nìyẹn. Tí ẹ bá kọ "Ó dùn tó?" sórí fọ́ọ̀mù, ẹlòmíràn á dáhùn ti ṣúgà, ẹlòmíràn á dáhùn ti ìfẹ́, òǹkà tí ẹ máa rí kò ní jẹ́ ti ìkankan. Ẹ kọ ọ́ pé "Ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ tó?" Lẹ́yìn náà, lọ́tọ̀, "Ó wù yín mu tó?" Bí ìdáhùn méjèèjì bá ń lọ sókè sódò pọ̀, ẹ máa mọ̀ pé wọn ò tíì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi òǹkà àpẹẹrẹ ṣàlàyé ohun tó kù. Èmi ni mo kọ òǹkà yìí kí ìṣirò lè hàn kedere, kì í ṣe ti ọjà gidi, ẹ má gbé e lọ bá báńkì. Ìbéèrè mẹ́ta ni: ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ tó, ó ṣe ara lóore tó, ó ṣeé gbé fún àlejò tó.

| Ohun mímu | Ṣúgà | Ara | Àlejò |
|---|---|---|---|
| Kólà | 6.1 | 2.0 | 4.2 |
| Máltì | 5.4 | 4.9 | 6.0 |
| Èso inú páálí | 4.6 | 5.3 | 6.2 |
| Sóbò àdúgbò | 3.9 | 5.6 | 2.1 |
| Ẹ́nájì | 5.8 | 1.9 | 2.4 |
| Omi inú ọ̀rá | 1.1 | 5.2 | 1.6 |
| Yógọ́ọ̀tì | 4.3 | 5.0 | 4.5 |

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò ni bí àwọn ìbéèrè náà ṣe ń tọ ara wọn lẹ́yìn. Òǹkà tó ń wọn èyí máa ń wà láàrín -1 àti 1, 0 sì túmọ̀ sí pé wọn ò tọ ara wọn lẹ́yìn rárá. Ṣúgà àti ara jẹ́ -0.63: bí ṣúgà ṣe ń lọ sókè ni oore ara ń já wálẹ̀. Tí ẹ bá fi àwọn méjì yẹn ya máàpù, bíi ti owó àti ojúlówó ló máa rí. Ara àti àlejò jẹ́ 0.14 péré, kò sí èyí tó ń fa èkejì. Ìlà méjì tó yẹ kí ẹ lò nìyẹn.

Ẹ yà á báyìí: ara lórí ìlà ìbú, àlejò lórí ìlà òró. Máltì àti èso inú páálí á wà lókè lápá ọ̀tún. Omi àti sóbò àdúgbò á wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún kan náà. Kólà á dá wà lápá òsì ní àárín, ẹ́nájì á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òkè lápá òsì ṣófo, àmọ́ kí ẹ má sáré lọ síbẹ̀: ohun tí kò ṣe ara lóore tí wọ́n sì ń gbé fún àlejò, ọtí ni, a kàn ò kó ọtí mọ́ ọn ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni òkè lápá ọ̀tún, kí ẹ sì gbé òǹkà ṣúgà wá síbẹ̀. Gbogbo ohun tó gba ju 4 lọ lórí àlejò ló gba 4.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ṣúgà. Ohun méjì tí ṣúgà wọn kò tó 4 ni sóbò àdúgbò àti omi, wọn ò sì ju 2.1 lọ lórí àlejò. Ó já sí pé bí àgbàlagbà kan tí dókítà ti ní kó ṣọ́ra fún ṣúgà bá wọlé, omi lásán ni onílé ní láti gbé síwájú rẹ̀. Àlàfo tó ṣeé ṣe nìyẹn. Sóbò sì ti ní oore ara lójú wọn tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń fà á sẹ́yìn ni ìgò àlòkù àti iyèméjì lórí ìmọ́tótó.

Kọ́lá_Ìṣirò

Mo gbà fún yín lórí ti owó àti ojúlówó. Àmọ́ tí ìbéèrè bá pọ̀ tó mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó máa fi ojú lásán yan ìlà méjì. R, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, á ṣe é fúnra rẹ̀. Kí fáìlì náà jẹ́ ìlà kan fún ẹnì kan lórí ìgò kan, kí ẹni tó dáhùn wà ní òpó àkọ́kọ́:

```r
d <- read.csv("idahun.csv")   # eni, igo, suga, ara, alejo ...
m <- aggregate(. ~ igo, d[, -1], mean)
X <- as.matrix(m[, -1]); rownames(X) <- m$igo
round(cor(X), 2)
p <- prcomp(X, scale. = TRUE)
summary(p)
biplot(p)
```

Tí ẹ bá ti rí àwòrán tí `biplot` yà, àlàfo á hàn sí yín fúnra rẹ̀.

Onímáàpù

Kóòdù yẹn dára. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló wà ńbẹ̀ tó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà.

`aggregate` tí o kọ báyẹn máa ń ju ìlà jù nù tí òpó kan bá ṣófo nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìbéèrè kan sílẹ̀ nípa ẹ́nájì nítorí pé kò mu ún rí, gbogbo ìdáhùn rẹ̀ nípa ẹ́nájì ti lọ nìyẹn, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ẹ ka iye ìlà tó kù fún ìgò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gba àròpín gbọ́.

Èkejì, ẹ wo ohun tí `summary(p)` sọ. Tí ìlà méjì àkọ́kọ́ tí `prcomp` yọ jáde kò bá gbé ju bí ìdajì ìyàtọ̀ tó wà nínú òǹkà lọ, àwòrán pẹlẹbẹ yẹn ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ pa mọ́, ohun méjì tó sún mọ́ra níbẹ̀ lè jìnnà síra lórí ìlà kẹta. Òkè àti ìsàlẹ̀ lórí `biplot` kò sì ní ìtumọ̀ fúnra wọn. Ọfà tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nà ló máa sọ ohun tí ìlà jẹ́.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Àmì kọ̀ọ̀kan dà bíi pé ó dúró ṣinṣin, bẹ́ẹ̀ ó ń mì. Nínú àpẹẹrẹ mi, sóbò gba 5.6 lórí ara, omi gba 5.2. Tí ó bá jẹ́ ọgbọ̀n èèyàn ló dáhùn, tí ìdáhùn wọn sì tàn ká ní bí 1.5, òǹkà kọ̀ọ̀kan lè yí ní bí 0.5 sókè tàbí sódò. 5.6 àti 5.2 kò yàtọ̀ síra nìyẹn, a kò lè fi ìyàtọ̀ yẹn pọ́n sóbò lé. Ọgọ́rùn-ún èèyàn á dín mímì náà kù sí 0.3. Èmi máa ń ya òbìrípo yí àmì kọ̀ọ̀kan ká. Àlàfo tí òbìrípo bá ti bò kì í ṣe àlàfo mọ́.

Ẹ tún yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìgò padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ni wọ́n máa fi díwọ̀n ìyókù.

BàbáDípò

Mo ti ń kà á láti òkè wá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, àmọ́ ohun tó ń ta ohun mímu ni títutù. Ilé-iṣẹ́ ńlá gbé fíríìjì fún oníṣọ́ọ̀bù lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ní kó má fi ọjà ẹlòmíràn sínú rẹ̀. Sóbò yín á wà lórí pẹpẹ, á gbóná, ta ni yóò mu sóbò gbígbóná? Ibi tó ṣófo lórí máàpù lè jẹ́ nítorí pé kò sí àyè nínú fíríìjì.

Ẹ tún rántí Bígì. 2016 ni wọ́n gbé e wọlé nínú ìgò 60cl, nígbà tí 50cl wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wà nílẹ̀. Àlàfo gidi nìyẹn: kí ohun mímu pọ̀ sí i fún owó kan náà. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ kò jókòó wò wọ́n, àwọn náà fi ìgò tó tóbi sí i fèsì. Ẹni tó lówó bíi ti ilé-iṣẹ́ yẹn lè dúró ja ìjà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Onímáàpù

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ nípa Bígì, ó sì wà lára ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n bá ẹnikẹ́ni díje lórí owó. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá lè pa àlàfo owó dé kíákíá. Kólà kò lè jí lọ́la kó di ohun tó ṣe ara lóore lójú àwọn èèyàn, ìyẹn máa ń pẹ́.

Ti fíríìjì ni mi ò gbà tán. Ẹni tó ń ra nǹkan fún àlejò ń gbé e lọ sílé, fíríìjì tirẹ̀ ló máa fi sí. Tí àlejò bá jẹ́ ìdí tí wọ́n fi ń rà á, pẹpẹ sùpámákẹ́ẹ̀tì tó.

BàbáDípò

Nígbà tí iná bá wà nílé rẹ̀ nìyẹn.

SóbòÌbàdàn

Mo dúpẹ́, Bàbá. Mo dúpẹ́, Àǹtí. Mo ti yí ìbéèrè mi padà sí ti ìgò mẹ́ta yẹn. Ohun kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹnì kan ń fẹ́ ohun tó wà ní àlàfo náà? Mo ń rò ó pé kí n kàn dín ṣúgà kù sí ìdajì, kí n wà láàrín, kí tọ̀tún tòsì lè rà á.

Onímáàpù

Àárín yẹn gan-an ni kí ẹ sá fún. Ní 2004, ní Amẹ́ríkà, Kóòkì gbé C2 jáde, Pẹ́psì náà gbé Pepsi Edge jáde. Bí ìdajì ṣúgà kólà gidi ló wà nínú wọn, wọ́n sì bọ́ sí àárín kólà gidi àti èyí tí kò ní ṣúgà. Lórí máàpù, ibẹ̀ ṣófo rekete. Pepsi Edge ti kúrò lọ́jà ní 2005, C2 náà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ adùn ń fẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń sá fún ṣúgà kò fẹ́ kó ku ìdajì.

Àròpín ló ń fa irú èyí. Ẹ bi èèyàn, "Èyí tí ẹ fẹ́ láti gbé fún àlejò, báwo ló ṣe yẹ kí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ tó?" kí wọ́n dáhùn lórí 1 dé 7 kan náà. Ká ní ìdajì wọn mú 6, ìdajì mú 1. Àròpín á sọ fún yín pé 3.5 ni wọ́n ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹyọ ẹnì kan tó mú 3.5. Nítorí náà, ẹ má ṣe àròpín ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ fi àmì ẹnì kọ̀ọ̀kan sórí máàpù. Bí ó bá jẹ́ òkìtì méjì, ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì ka iye ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí òkìtì kankan nítòsí àlàfo tí mo sọ, ẹ fi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń retí yín níbẹ̀.

Bí ẹ bá rí òkìtì, ẹ ṣe ìgò kan péré, tòun ti lébẹ́ẹ̀lì àti iye owó rẹ̀, kí ẹ tò ó mọ́ àwọn yòókù, kí àwọn èèyàn tuntun fún gbogbo wọn ní máàkì lórí ìbéèrè kan náà. Wọn ò tíì ní tọ́ ọ wò. Tí ó bá gba 2 lórí àlejò, inú ìgò àlòkù ni wọ́n ṣì ń rí sóbò yín lọ́kàn wọn, lébẹ́ẹ̀lì yẹn kò tíì ṣiṣẹ́. Tí ó bá gba 5, ẹ wá jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí ẹ sì tún bi wọ́n. Bí ó bá já lulẹ̀ lẹ́yìn títọ́wò, inú ìgò ni ìṣòro wà.

Ẹlẹ́rọOúnjẹ

Ibi tí ó ti sábà máa ń já lulẹ̀ nìyẹn. Sóbò kan gan-an, bí pH 2.5 sí 3. Ṣúgà ló ń bo kíkan yẹn mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá dín ṣúgà kù tí ẹ kò dín ìṣápá kù, eyín á kan. Tí ẹ bá dín ìṣápá kù, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, wọ́n á ní omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, máàkì àlejò á sì bọ́. Ẹ pò ó ní oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ máa dín ìṣápá àti ṣúgà kù pọ̀, kí atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀yìnbó gbé adùn rẹ̀ ró. Ọ̀pẹ̀yìnbó náà ní ṣúgà tirẹ̀ o, ẹ kà á mọ́ ọn kí ẹ tó kọ ohunkóhun sára lébẹ́ẹ̀lì.

Ìgò náà ń pinnu ibi tí ẹ máa wà. Kí sóbò má baà bà jẹ́ lórí pẹpẹ, ẹ gbé e gbóná dé 85 °C, ẹ rọ ọ́ ní gbígbóná, ẹ dé e, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ooru lè kan ìdérí. Ìgò ike lásán kò gba ooru yẹn. Tó bá ti ń sún mọ́ 70 °C, á bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, ọrùn rẹ̀ á wọ́, ìdérí á máa jò. Ó kù kí ẹ ra ike tí wọ́n ṣe fún ooru, tàbí kí ẹ lo ìgò gíláàsì. Tí ẹ bá ní ẹ máa rọ ọ́ ní tútù, ẹ máa nílò sódíọ̀mù bẹ́ńsóétì, èròjà tí kì í jẹ́ kó tètè bà jẹ́, ní iye tí NAFDAC gbà láàyè, kí orúkọ rẹ̀ sì hàn lára lébẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ń rà á nítorí oore ara lè kà á, kó gbé e padà sórí pẹpẹ.

Owó-orí náà wà ńbẹ̀. Ní 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ₦10 lórí lítà kan ohun mímu tí wọ́n fi nǹkan dùn. Kò wo bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó, torí náà ṣúgà díẹ̀ kò dín in kù. Ẹ bi akáǹtáǹtì yín iye tó jẹ́ báyìí, àti bóyá ó kàn yín tí kò bá sí ṣúgà kankan nínú rẹ̀.

BàbáDípò

Gíláàsì á fọ́ lójú ọ̀nà, ẹ máa wá ìgò òfìfo tì, ẹrù ọkọ̀ á sì lọ sókè. Ike ni kí wọ́n lò.

Ẹlẹ́rọOúnjẹ

Ike tó gba ooru, bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọ́n ju ti lásán lọ, àmọ́ òun náà á ṣeé ṣe.

Onímáàpù

Èmi ò tíì mọ èyí tí wọ́n máa yàn. Gíláàsì lè fi máàkì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún àlejò, ó sì lè gbé iye owó kọjá ibi tí òkìtì yẹn lè san. Ẹ fi ìgò méjèèjì sínú ìdánwò tí mo sọ, lébẹ́ẹ̀lì kan náà, iye owó tí yóò jẹ́ gan-an lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìdajì àwọn èèyàn rí gíláàsì, kí ìdajì rí ike. Ẹ má fi méjèèjì han ẹnì kan ṣoṣo, nítorí tí ó bá ti rí wọn pọ̀, gíláàsì ló máa pọ́n lé.

Ìyá_Kúnù_Ìlọrin

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti kúnù náà lè wà nínú irú máàpù yìí? Òwúrọ̀ ni wọ́n ń mu ún lọ́dọ̀ mi, kì í ṣe fún àlejò.

Onímáàpù

Ìyá, a jẹ́ pé máàpù tiyín yàtọ̀ sí tiwọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí òkè, lọ́wọ́ àárọ̀: "Ká ní kúnù ti tán, kí lẹ ò bá rà?" Tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀kọ tàbí tíì, àwọn yẹn lẹ ń bá du ọjà, kì í ṣe kólà.

SóbòÌbàdàn

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù tuntun. Ìbéèrè mẹ́fà ni, ohun mímu mẹ́jọ, omi àti sóbò àdúgbò wà níbẹ̀. Bàbá, mo fi ìbéèrè kan kún un nítorí tiyín: "Ní ọjọ́ tí ẹ rà á kẹ́yìn, ṣé ó tutù nígbà tí ẹ rà á?"

BàbáDípò

Ẹ tún bi wọ́n pé fíríìjì ta ni.